Kì Í Ṣe Gbogbo Etí Tí Kò Gbọ́ràn Ló Dí: Ọ̀rọ̀ Mi Pẹ̀lú Àwọn Olóògùn Etí Kírìkírì

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Bọ́ńdà ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí ìhà Èbúté Láítà Kírìkírì ní òwúrọ̀ kùtù yóò mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ bá wí lónìí. Bí kò bá mọ òun gan-an, yóò mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kò ní tíì rìn jìnnà tí yóò fi dìde, tí yóò gbàdúrà fún awakọ̀ àti èrò, tí yóò sì fa ìgò kékeré kan yọ nínú àpò. "Etí tó dí, etí tó ń hó, etí tó ń da ọyún, etí tí kò gbọ́ nǹkan kan láti ogún ọdún! Ẹ̀kán mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀kán mẹ́ta lálẹ́, ọjọ́ méje péré!" Lẹ́yìn náà ni yóò pe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí a sì máa wà. Mo ti fi ojú ara mi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ru sìmẹ́ńtì ní etí omi, tó dìde láàárín èrò, tó ní òun kò gbọ́ràn fún odidi oṣù kan, àti pé oògùn inú ìgò yìí ló ṣí òun létí.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ lè ya àwọn tó mọ̀ mí lẹ́nu: ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́. Etí rẹ̀ dí lóòótọ́, oògùn náà sì ṣí i lóòótọ́. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Irọ́ pọ́ńbélé kì í pẹ́ tú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí òtítọ́ tí a fi ẹjọ́ ẹnìkan jẹ́, tí a wá fi dá ẹjọ́ ẹlòmíràn, ọdún púpọ̀ ni ó fi ń tan ènìyàn jẹ.

Èdè wa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn yìí, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Adití ni à ń pe ẹni tí kò gbọ́ràn. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ dí ni. Ohun tó bá sì ti dí, ọkàn wa ti sọ fún wa pé ó ṣe é ṣí. Gọ́tà dí, a kó o. Ọ̀nà dí, a lé àwọn tírélà kúrò lójú rẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá ẹni kò bá gbọ́ràn mọ́, ohun tí yóò ṣí i ni à ń wá kiri, a kì í sì í béèrè bóyá nǹkan kan dí níbẹ̀ rárá. Oríṣi àìgbọ́ràn méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí orúkọ yẹn bá mu, nínú èyí tí ohùn kò rí ọ̀nà gbà wọlé. Nínú èkejì, ọ̀nà mọ́ gaara, ohùn wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà á nínú ilé ti kú. Èmi yóò máa pe ti àkọ́kọ́ ní dídí ọ̀nà, n ó sì máa pe ti èkejì ní kíkú inú etí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èbúté náà gan-an ṣàlàyé. Láítà ni ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń lọ gba ẹrù lára ọkọ̀ òkun ńlá tí kò lè sún mọ́ bèbè, tó sì ń gbé e wá síbi tí ilẹ̀ ti lè gbà á. Bí kò bá sí láítà, ojú omi ni ẹrù yóò wà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú etí ènìyàn. Inú afẹ́fẹ́ ni ohùn ń gbà wá, ṣùgbọ́n omi ló kún ibi tí a ti ń gbọ́ ọ, afẹ́fẹ́ àti omi kì í sì í gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn. Bí ohùn bá kọlu omi láìsí alágbàgbé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ta padà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ri orí sínú odò kì í fi í gbọ́ ohun tí à ń sọ lókè. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ìparí ihò etí, ó nà bí awọ ìlù. Egungun kékeré mẹ́ta so kọ́ ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Awọ gba ohùn, ó gbọ̀n. Egungun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ìgbọ̀n náà, wọ́n kó agbára rẹ̀ jọ sójú kan, wọ́n sì tì í wọ inú omi. Láítà etí nìyẹn. Omi náà wà nínú ikòtò kan tó ká kò bí ìkarawun ìgbín. Nínú ìkarawun yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, bí ẹgbẹ̀rún 15 nínú etí kọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń sọ ìgbọ̀n omi di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ.

Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti ihò etí títí dé egungun kẹta, dídí ọ̀nà ni. Èérí etí lè le kí ó sì kún ihò bámúbámú. Awọ lè lu nítorí ìgbátí tàbí nítorí igi tí a fi ń họ etí. Omi tàbí ọyún lè kún ẹ̀yìn awọ, bí ó ti ń ṣe àwọn ọmọdé tí òtútù imú kò fi sílẹ̀. Egungun kékeré wọ̀nyí sì lè lẹ̀ pọ̀, kí wọ́n má lè mì mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àtúnṣe. A ń yọ èérí, a ń tọ́jú ọyún, a ń fa omi jáde. Awọ tó lu sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ó bá kọ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lẹ̀ ẹ́. Egungun tó gan, wọ́n lè fi ohun kékeré mìíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ẹrù kò bàjẹ́, ilé ìkẹ́rùsí sì wà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà nìkan ni a óò tún ṣe.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ di mú, nítorí pé òun ni yóò tú àṣírí olóògùn inú ọkọ̀. Dídí ọ̀nà ní ìwọ̀n. Bí ọ̀nà etí tilẹ̀ dí pátápátá, ohùn tó bá le yóò gba inú egungun orí wọlé tààrà sínú ìkarawun. Nítorí náà, ohun tí dídí ọ̀nà nìkan lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò ju nǹkan bí 60 dẹ́sìbẹ́lì lọ. Ìwọ̀n ohùn àwọn méjì tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní ìṣòro yìí dé góńgó kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ bí a bá pariwo sí i létí, yóò sì gbọ́ fèrè tírélà. Ẹni tí kò bá gbọ́ fèrè tírélà rárá, ìkarawun rẹ̀ ni kí a wò. Bí olóògùn bá wá sọ fún yín pé òun fi ẹ̀kán oògùn ṣí etí ẹni tí kò gbọ́ àrá, ẹ bi í pé ibo ni oògùn náà gbà wọ inú egungun.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà lé ènìyàn méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin asìmẹ́ńtì yẹn ni ẹni àkọ́kọ́. Mo tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Etí ọ̀tún nìkan ló dí. Lẹ́yìn tó wẹ̀ tán ní alẹ́ ọjọ́ kan ló dí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn. Ó ti ń fi kọ́tìn-bọ́ọ̀dù ro etí rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí eruku. Gbogbo àmì ló pé. Ọ̀pá òwú yẹn kì í kó èérí jáde, ńṣe ló ń tì í wọlé tó sì ń kì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí omi ìwẹ̀ dé bá a, èérí mu omi, ó wú, ó sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Oògùn inú ìgò, tí n kò rò pé ó ju òróró lọ, rọ èérí náà, ó sì ṣàn jáde ní ọjọ́ kẹrin. Òróró àgbọn inú ilé ìyá rẹ̀ ìbá ti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, bí awọ etí rẹ̀ kò bá ti lu.

Ẹnìkejì ni bàbá kan tí a jọ ń gbé ládùúgbò. Ó ti lé ní 20 ọdún tó ti ń wa fọ́kílífù níbi tí wọ́n ti ń to kọntéńà, láàárín ẹ̀rọ kireni, jẹnẹrétọ̀ àti irin tó ń kọlu irin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá kò gbọ́ràn mọ́. Òun ní òun ń gbọ́, pé àwọn ni kò la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rí inú ọkọ̀, ó ra ìgò kan. Ọjọ́ méje pé, kò sí ìyàtọ̀. Olóògùn ní ìgò kan kò lè ká ọ̀ràn tó ti pẹ́, ó sì ra mẹ́ta sí i. Oṣù mẹ́jọ ló ti lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fà á lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀, nítorí pé kò gba wákàtí kan. Dókítà fi iná wo ihò etí méjèèjì: ó mọ́, awọ funfun kalẹ̀. Ó mú irin ẹlẹ́ka méjì kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 512 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lù ú, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, ó sì tún gbé e síwájú ihò etí, ó bi í pé níbo ló ti dún jù. Bàbá ní iwájú ihò etí ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé láítà ń ṣiṣẹ́: ohùn tó gba afẹ́fẹ́ wá borí èyí tó gba egungun wá. Bí ọ̀nà bá dí ni ti ẹ̀yìn etí ì bá borí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í sínú yàrá tí ariwo kò wọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wá ohùn tó kéré jù tí ó lè gbọ́. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 500, ó gbọ́ wọn ní 20 dẹ́sìbẹ́lì bí ènìyàn gbogbo. Nígbà tó di ohùn òkè tó ń gbọ̀n ní ìgbà 4,000, ó di 65 kí ó tó gbọ́. Ní 8,000, ó gbéra díẹ̀ padà sí 50. Etí méjèèjì rí bákan náà, ti egungun àti ti afẹ́fẹ́ sì rìn pọ̀ láìsí àlàfo. Kòtò tó gbẹ́ sí ọ̀gangan 4,000 yẹn, ọwọ́ ariwo ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ohun tí fọ́kílífù àti irin ti kọ síbẹ̀ fún 20 ọdún.

Èyí náà ló ṣàlàyé ìjà bàbá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín rẹ̀, inú ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé, etí bàbá sì pé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n f, s, ṣ, t àti k, inú ohùn òkè ni agbára wọn wà, ibẹ̀ sì ni ó ti kú. Bí ọmọ rẹ̀ bá sọ pé "Ó fẹ́ ẹ" tàbí "Ó sẹ́ ẹ", orin kan náà ni bàbá gbọ́. Ṣé ọkùnrin náà fẹ́ ìyàwó ni àbí ó sẹ́ ẹ? Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún láti ọ̀nà jíjìn, tó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, tí kò mọ ohun tí ó ń wí. Nítorí náà ló ṣe ń sọ pé òun ń gbọ́, òótọ́ ló sì ń sọ. Bí ẹ bá wá pariwo sí i, yóò bínú pé ẹ ń lọgun mọ́ òun, nítorí pé etí tí inú rẹ̀ ti kú kì í gbọ́ ohùn kékeré, ohùn ńlá sì tètè máa ń ro ó. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹni tí ọ̀nà etí rẹ̀ dí, jẹ́jẹ́ ló sábà ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn ara rẹ̀ ń gba inú egungun dún sí i lórí.

Èsì dókítà kò pẹ́: ohun tó ti lọ kò ní padà. Sẹ́ẹ̀lì onírun tó bá kú nínú etí ènìyàn kì í hù mọ́. (Ti adìyẹ ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn onímọ̀ ti mọ èyí láti nǹkan bí 1987, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí tiwa náà yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn kankan lórí àtẹ tó ń ṣe é.) Ohun tó kù ni ẹ̀rọ agbóhùnga tí a ń fi sí etí, àti kí bàbá dáàbò bo èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ náà kò wo etí sàn, ohùn ló ń gbé sókè níbi tó bá ti kéré. Ẹni tí ìkarawun rẹ̀ ti kú pátápátá lè gba ẹ̀rọ abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ rì sínú rẹ̀, tó ń fi iná bá iṣan sọ̀rọ̀ tààrà. Ìyẹn náà kì í ṣe ìwòsàn, ọ̀nà àbùjá ni.

Nísinsìnyí, ìwọ olóògùn, gbọ́: oṣù mẹ́jọ tí o gbà lọ́wọ́ bàbá yìí, inú ariwo ló ti lò ó láìsí ìbòtí, nítorí pé o ti ṣèlérí fún un pé etí rẹ̀ ń padà bọ̀.

Mo sì tún ní ẹ̀sùn kan tó ju ti owó lọ. Àwọn tó ní ihò lára awọ etí wà lára àwọn tí ń ra ìgò náà, pàápàá àwọn tí etí wọn ń da ọyún. Bí a bá kán oògùn sí irú etí bẹ́ẹ̀, àárín etí ló ń bọ́ sí, ó sì lè ti ibẹ̀ rìn wọ inú ìkarawun. Àwọn ohun kan wà tó jẹ́ májèlé fún sẹ́ẹ̀lì onírun: ọtí líle tí a fi ń nu ojú egbò, àti jẹntamaisin pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra bí ẹni ra gúgúrú. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi lè mú etí tó kàn dí lásán, tó ṣe é tún ṣe, kí a sì fi ọwọ́ ara wa pa inú rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ kán nǹkan kan, títí kan òróró àgbọn ìyá yín, sí etí tó ń da ọyún tàbí tó ń rò, kí ẹni tó ní iná tó wò ó.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Ṣé kò sí èyí tó ń padà rárá nínú kíkú inú etí?" Ó wà, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti kàn mí nìyẹn.

Lọ́nà kìíní, ẹni tó ti inú ariwo jáde, tí etí rẹ̀ ń hó, tí ohùn gbogbo dà bí ẹni wà lẹ́yìn ògiri, sábà máa ń jí ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí gbogbo rẹ̀ ti lọ. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ni, wọn kò tíì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń fi tan ara wọn jẹ. Wọ́n ní etí àwọn ti mọ ariwo náà lára. Etí kì í mọ ariwo lára. Ìgbà tí kò bá ro ọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń jẹ́rìí ni ó ti kú. Lọ́nà kejì, àwọn oògùn kan bíi kuiníìnì a máa jẹ́ kí etí máa hó, kí ó sì wúwo, ó sì sábà ń lọ bí a bá dá oògùn náà dúró. Ti abẹ́rẹ́ jẹntamaisin àti ti sitirẹ́pítómáísìn kì í sábà padà.

Ọ̀nà kẹta ni ti àbúrò mi. Akọ̀wé ni, ó ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté ṣiṣẹ́. Ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, etí òsì rẹ̀ ti kú fin-ín. Ó ń hó, òòyì sì ń kọ́ ọ. Kò ro ó, kò da ọyún. Èmi tí mò ń kọ èyí ni mo yá òróró lórí iná, mo kán an sí i, mo ní èérí ni. Èmi náà ni mo rán ọmọ lọ ra ìgò ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ 19 pé kí a tó dé iwájú dókítà. Ó fi irin ẹlẹ́ka méjì náà sí àárín iwájú orí rẹ̀, ó bi í pé etí wo ló ti ń dún. Àbúrò mi ní ọ̀tún ni, èyí tó sàn. Dókítà wo mí, ó ní ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un. Kò bú mi, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ díẹ̀.

Àìgbọ́ràn òjijì nìyẹn, èyí tí inú etí ń kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Nínú gbogbo kíkú inú etí, òun ni a lè sáré bá. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń lò, ní hóró tàbí ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba awọ etí fún. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, etí ẹlòmíràn sì ń padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ. Wọ́n fún àbúrò mi. Díẹ̀ ni ó padà.

Ohun tí ìbá ti gbà wá là kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi ìka di etí kan pa nísinsìnyí, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ sì máa kùn bí oyin. Ẹ ó gbọ́ pé inú etí tí ẹ dí ni ó ti dún jù. Bí etí kan bá ṣàdédé kọ̀ láti gbọ́ràn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ìka dí nǹkan kan. Bí kíkùn náà bá lọ sínú etí tí ń ṣàìsàn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà dí, ẹ sì lè dúró de ọjọ́ ilé ìwòsàn. Bí ó bá sá lọ sínú etí tó sàn, inú ló kú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ìdánwò yìí kò lè rọ́pò dókítà, ó sì wúlò fún etí kan ṣoṣo tó bàjẹ́, kì í ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá mọ̀ ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, n kì bá má gbé òróró kaná.

N kò ní dá ẹ̀bi gbogbo rù olóògùn, nítorí kì í ṣe òun ló ń pa ariwo. Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́ èbúté, ẹ̀yin tí ẹ ń fún òṣìṣẹ́ ní bàtà onírin àti akoto tí ẹ sì fi etí sílẹ̀, kí ni ìdí? Ìlànà tí àjọ ìlera òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé rọrùn: 85 dẹ́sìbẹ́lì fún wákàtí 8, àti fún gbogbo 3 tó bá gorí rẹ̀, kí a pín àkókò náà sí méjì. Èyí já sí wákàtí 4 ní 88, wákàtí 2 ní 91, àti ìṣẹ́jú 15 péré bí ó bá di 100. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi ẹnu wọ̀n ọ́n: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ẹ ti wà ní 85 tàbí kọjá rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ ó wí, pé ẹni tó bá di etí kò ní gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn. Ìbòtí tó bá ìwọ̀n ariwo mu ń dín ohun gbogbo kù ni, kì í pa wọ́n rẹ́. Ẹni tí kòtò 4,000 ti gbẹ́ sí létí ni fèrè náà yóò sá fún títí ayé.

Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì ti ka àìgbọ́ràn tó ti ibi iṣẹ́ wá mọ́ ohun tí a gbọdọ̀ sanwó fún, àti èyí tó dé díẹ̀díẹ̀ pàápàá. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà, 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni bàbá onífọ́kílífù yóò ṣe gba tirẹ̀? Kò sí ẹni tó dán etí rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó wọlé, kò sì sí ẹni tó tún un wò láti ìgbà náà. Bí ó bá mú ìwé ilé ìwòsàn dé, wọn yóò ní ọjọ́ ogbó ni. Ìdánwò kan nígbà tí a bá gbani síṣẹ́, àti ọ̀kan lọ́dọọdún, ni ó lè fi ìgbà tí kòtò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ hàn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ 30, tí kò tíì di 65.

Wọ́n tún máa ń sọ fún mi pé tálákà kò rówó ilé ìwòsàn, pé ìgò olóògùn ló bá agbára rẹ̀ mu. Ìgò mẹ́rin ni bàbá yẹn rà, àbúrò mi sì san tirẹ̀ pẹ̀lú etí kan. Fífi iná wo ihò etí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, bíi ti Ajérómi ní Ajégúnlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ìyẹn lọ, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà àti ti Ìkẹjà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé débẹ̀: ṣé ọ̀nà ló dí, àbí inú ló kú?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọkùnrin náà tún pàdé nínú ọkọ̀. Ó ti gbàdúrà tán, ó ti fa ìgò yọ. Mo bi í níwájú gbogbo èrò pé bí oníbàárà rẹ̀ bá pa ẹnu dé tó kùn, inú etí wo ni ó ń dún sí? Ó ní ìbéèrè wo nìyẹn. Ìyá kan lẹ́yìn mi ti pa ẹnu dé, ó ń kùn, ó fi ọwọ́ kan etí òsì, ó sì fi kan ọ̀tún. Olóògùn ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀.